Ìdánwò àti Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Lọ́jọ́ Kan Náà

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò ku nǹkan kan nínú lẹ́tà yìí?"

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Ilé iṣẹ́ apoògùn kan náà ni àwọn méjèèjì kọ̀wé wáṣẹ́ sí. Àbúrò ni wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá gbogbo àdúgbò kọ lẹ́tà, wọn ò tilẹ̀ kí i pé ó kú ìnáwó ìwé. Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò bá ti rẹ́rìn-ín nínú ilé, ṣe ló máa ń ṣe ẹ̀gbọ́n bíi pé òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n pe àbúrò náà ni ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ìdánwò tí kò ní wáyé mọ́ àfi lọ́dún tó ń bọ̀. Ló bá kọ̀wé pé kí wọ́n bá òun yí ọjọ́ padà. Ó dúpẹ́, ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní iṣẹ́ náà ń jẹ òun lọ́kàn gan-an. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n wá tì: ọjọ́ tí àbúrò máa ráyè. Ta ló fẹ́ máa bá a ro ìyẹn ní ọ́fíìsì? Wọ́n á kàn pe ẹlòmíì ni.

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó gbé e mì.

"Ó ti dáa. Fi ránṣẹ́."

"Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí wọ́n pè."

Ìyẹn wá dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé kọjá, Ìṣẹ́gun kọjá, èsì ò dé. Ẹ̀gbọ́n ń súfèé nílé ìwẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, ó bá àbúrò tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti kó ìwé ìdánwò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lo fẹ́ lọ fi ṣẹ́ẹ̀tì ṣe?"

"Mo máa lọ rí wọn lọ́la. Kí ìdánwò máa lọ."

"Orí ẹ pé báyìí? Gbogbo ọdún tí o fi kàwé!"

"Wọn ò dá mi lóhùn. Kí n wá pàdánù iṣẹ́?"

Súfèé kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù.

"Gbọ́. O ò kọ ọjọ́ tí o máa ráyè. Mo ti rí i látijọ́ yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

Àbúrò ya ẹnu, kò tíì sọ̀rọ̀ tí fóònù fi dún. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ni.

"Ẹ má bínú pé a pẹ́, ọ̀gá wa rìnrìn àjò ni. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí ẹ béèrè ti wà báyìí, aago méjì. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò o."

Tí ẹ béèrè? Ẹ̀gbọ́n fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí lẹ́tà. Lókè pátápátá, níbi àkọlé tí kò kà, ọ̀rọ̀ náà dúdú kirikiri: "Ẹ̀bẹ̀ láti sún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, tàbí ọjọ́ yòówù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."