Ọ̀dà Ẹ̀yìn Ògiri

Aránṣọ fi ẹnu ọ̀bẹ gún ibi tó wú lára ògiri. Omi tú jáde, ó ṣàn gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tó bo ibẹ̀ ká kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé," ó wí.

Bíríkìlà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òun kọ́ ló kùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é nìyí.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Òkè ilé jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onídìrí. Ògiri mẹ́ta nínú yàrá náà gbẹ. Ìkẹrin, tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀ àgbàlá, ni omi ń gbà wọlé.

Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ni Aránṣọ ń rán, funfun báláú. Ilé ìwòsàn ti dá ẹrù kan padà fún un nítorí pé ọ̀rinrin mú kí aṣọ náà bu. Wọ́n ní bí òmíràn bá tún bu, àwọn á wá aránṣọ mìíràn. Kò ní ibòmíràn tó lè kó ẹ̀rọ lọ. Òjò sì ti ń súnmọ́lé.

"Kí ló dé tí kì í dúró?" ó bi Bíríkìlà.

"Ẹ̀yìn ni omi ti ń tì í. Wọ́n ń kùn ún níwájú, omi ń tì í ṣubú láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá kùn ún nígbà ogún, nígbà ogún ni yóò ṣubú."

"Kí la wá máa ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá omi níbi tó ti ń bọ̀. Tí ọ̀dà bá wà níta, omi á máa tì í mọ́ ògiri ni. A máa gbẹ́ ilẹ̀ dé ìpìlẹ̀."

Aránṣọ gbójú sókè wo àjà. Ó mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn, ó sì mọ ẹni tó ni ín.

Kankéré ni. Ọdún tó kọjá ni Onídìrí dà á sí àgbàlá. Ó to àga mẹ́rin sórí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń dìrí fún àwọn oníbàárà.

"Ìyàwó, tún un sọ kí n gbọ́." Onídìrí yọ òòyà kúrò lẹ́nu.

"Mo fẹ́ fọ́ kankéré yín, ọkọ mi."

Onídìrí bẹ̀rẹ̀ mọ́ oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Ìyàwó ilé nìyẹn. Kò bi mí bóyá mo jẹun. Kankéré ló bá wá."

"Ẹ ti jẹun. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ nísàlẹ̀."

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí fa irun rẹ̀. "Gbé orí dúró jàre. Ta ló pè ọ́ sí i?" Ó yíjú padà. "Báwo ni yóò ṣe fẹ̀ tó?"

"Láti ògiri dé àga yín kejì."

"Kí n wá gorí igi lọ máa dìrí?"

"Ẹ máa ṣe é lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀."

"Nínú kànga yẹn? Èmi kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n mú un gbẹ, ọkọ mi."

"Rárá. Ó tán."

Aránṣọ kò bá a jiyàn. Ó lọ sísàlẹ̀, ó ti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sápá kan, ó to àga mẹ́rin sápá kejì. Láràárọ̀ ló ń gòkè lọ kí Onídìrí lórí ìkúnlẹ̀. Tó bá ti kí i tán, á ní, "Àyè wà nísàlẹ̀ o, ọkọ mi." Onídìrí á ní kó máa lọ. Á sì lọ. Lọ́jọ́ kejì á tún padà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Ilé Onídìrí kún fún aṣọ tútù tó sá sílé. Irun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì dé ìdajì. Ó pòṣé, ó mú oníbàárà náà lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Aránṣọ kò sọ pé mo wí fún yín. Ó gbé àga fún wọn, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí oníbàárà dìde láti lọ, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin níbi tó fi ti ògiri. Onídìrí fọwọ́ kan ògiri náà, ó nu ọwọ́ sí ìró. Ó tún fọwọ́ kàn án níbòmíràn.

"Ibí ni àbúrò mi máa ń jókòó sí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Onídìrí wo ilẹ̀, ó wo aṣọ funfun tí Aránṣọ fi ọ̀rá wé.

"Gbẹ́ ẹ," ó wí. "Ṣùgbọ́n kíá ni. Àwọn oníbàárà mi ò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀nà."

Bíríkìlà kó irin àti ṣọ́bìrì dé lọ́jọ́ kejì. Kò gbẹ́ gbogbo ògiri náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pín in sí mẹ́ta. Ó ní bí òun bá tú gbogbo ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ lè ya lu àwọn, ògiri náà sì lè yẹ̀. Ó kó àfọ́kù kankéré jọ sápá kan, ó kó erùpẹ̀ jọ sápá kejì. Aránṣọ ń fi garawa gbé erùpẹ̀ jáde, gèlè rẹ̀ sì ti di aṣọ ìnu-òógùn.

"Ìyàwó ti di lébìrà," Onídìrí wí láti orí àga.

"Ẹ bá mi gbé garawa yìí, kí ẹ̀yin náà di lébìrà."

"Ọlọ́run má jẹ́. Ìka yìí ni mo fi ń jẹun."

Nígbà tí wọ́n dé ìpìlẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́. Bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò. Níbi tí ògiri ti jókòó lé ìpìlẹ̀, ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe é ní rogodo kí igun má ṣe mú, nítorí ibi igun ni ọ̀dà ti máa ń ya. Lẹ́yìn náà ló ṣí ọ̀dà. Ó bu omi là á fún kíkùn àkọ́kọ́ kó lè wọnú ògiri. Èyí tó tẹ̀ lé e kì, ó kùn ún ní ìbú. Nígbà tí ìyẹn gbẹ, ó kun ìkẹta ní òòró.

"Ẹ ní dúdú ni," Onídìrí wí. "Èyí pọ́n bíi kòkó."

"Omi ló wà nínú rẹ̀, Màmá. Tó bá gbẹ, á dúdú. Bó bá ṣì ń rin ìka, kò tíì jinná, kò tíì gbẹ délẹ̀."

Bí apá kan bá ti jinná, Bíríkìlà á fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí nǹkan má bàa ha ọ̀dà, á sì fi erùpẹ̀ tí wọ́n ti ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀ dí kòtò náà padà, díẹ̀díẹ̀, á máa gún un mọ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe apá kìn-ín-ní àti ìkejì. Wọ́n kun ìkẹta tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n.

"A ó fi pátákó bò ó lọ́la," Bíríkìlà wí, ó lọ sílé.

Ní àárọ̀, Aránṣọ gbé aṣọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bíríkìlà lọ wá pátákó. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ àgbàlá tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ti gbá a. Àga mẹ́rin wà lójú àyè wọn, oníbàárà kan jókòó, ìdajì orí rẹ̀ ti di dídì. Onídìrí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti bá yín parí rẹ̀!" ó wí. "Ó ti rẹ ẹ̀yin méjèèjì jù. Èmi àti àwọn oníbàárà mi ni. Ẹ rí i pé èmi náà lè gbé garawa?"

Òkìtì àfọ́kù kankéré kò sí ní àyè rẹ̀ mọ́. Òkìtì erùpẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bíríkìlà gbé pátákó sílẹ̀. "Màmá, kí lẹ fi dí i?"

"Kankéré náà ni. Ṣebí ibẹ̀ ló ti jáde? Ó sì le ju erùpẹ̀ lọ."

Bíríkìlà wo Aránṣọ. "Ó lè má ṣe é ní nǹkan kan," ó rọra wí. "Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ha á. A ò lè mọ̀ láìjẹ́ pé òjò rọ̀."

"Tí òjò bá rọ̀ tó wọlé ńkọ́?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká tó lè tún un gbẹ́."

Aránṣọ wo ojú ọ̀run. Ó ti ṣú lápá kan. Ó bọ́ bàtà, ó mú ṣọ́bìrì.

"Kí lò ń ṣe?" Onídìrí bi í.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ sún àga."

"Mo ṣe oore fún ọ!"

"Mo rí i. Mo dúpẹ́. Ẹ sún àga."

"Lójú oníbàárà mi? Ìyàwó, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Oníbàárà gbé àga tirẹ̀ sún fúnra rẹ̀, ìdajì irun rẹ̀ tí kò tíì di dídì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ nínú atẹ́gùn. Onídìrí tẹ̀ lé e, ó ń sọ̀rọ̀ lọ: ìyàwó òde òní, ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀yìn tó ń dun òun láti àárọ̀. Aránṣọ ń gbẹ́ lọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan ògiri, Bíríkìlà gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ ló kù. Ṣọ́bìrì á gé e." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yọ àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wọ́ ọ, wọ́n ń gbé e kúrò ni.

Onídìrí parí irun. Oníbàárà lọ. Ó wá dúró létí kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀. Lára ọ̀dà dúdú náà, ó rí ibi tó ti ha gbọọrọ tí ara ògiri hàn síta. Ó rí òmíràn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò tíì jinná, ẹnu kankéré kan ti wọ inú ọ̀dà lọ, ó sì há síbẹ̀.

Ó wọlé lọ.

Aránṣọ rò pé ó ti bínú lọ. Ṣùgbọ́n ó jáde padà, ògbólógbòó aṣọ lára rẹ̀, ó ti so gèlè mọ́ ìbàdí. Ó di etí kòtò mú, ó ń kérora, ó sọ̀kalẹ̀.

"Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?"

"Èyí tó há yẹn, ọkọ mi. Ẹ rọra o."

Ó fi ìka tó fi ń dìrí yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jáde. Ìka náà dúdú dé ìdí.

"Bí mo ṣe máa fi ọwọ́ yìí kan orí ènìyàn lọ́la nìyí," ó wí.

"Kẹrosíìnì á bọ́ ọ," Bíríkìlà wí.

"Ta ló bi ọ́?"

Wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n nu ibi tó ha, Bíríkìlà tún un kùn, ó sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun gun orí ti àtijọ́ yíká. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n fa tapólì bo kòtò náà, wọ́n fi òkúta tẹ etí rẹ̀, wọ́n la ojú omi gba ibòmíràn. Òjò náà kò pọ̀. Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n ká tapólì, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n dúró dè é. Onídìrí ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ fi ìka kàn án ní gbogbo ìgbà. Kò gbà kí wọ́n gbé pátákó sí i àfìgbà tí ìka rẹ̀ jáde láìní àmì. Òun náà ló jókòó ti òkìtì erùpẹ̀, tó ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ó rí òkúta kékeré kan lọ́wọ́ Bíríkìlà, ó pariwo mọ́ ọn bí ẹni rí olè.

Wọ́n fi erùpẹ̀ náà dí kòtò tán, ṣùgbọ́n wọn ò da kankéré mìíràn lé e. Aránṣọ ní kí òjò kọ́kọ́ dán an wò. Onídìrí ní ó dáa. Ó tẹ́ pákó méjì fún àwọn oníbàárà láti rìn.

Òjò ńlá dé. Ó rọ̀ láti òwúrọ̀, kò dá. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ran aṣọ ilé ìwòsàn. Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó padà jókòó.

"Ṣé ó ń jò?" Onídìrí pariwo láti òkè.

"Kò jò!"

"Wò ó dáadáa!"

"Mo ti wò ó!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Onídìrí sọ̀kalẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ kan apá kìn-ín-ní, ó fọwọ́ kan ìkejì. Ó pẹ́ níbi ìkẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi ara yín kán sí aṣọ mi, ọkọ mi," Aránṣọ wí.

Onídìrí sún sẹ́yìn. Ó fa àga kan, ó gbé e ti ògiri náà, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í.

"Máa ránṣọ rẹ lọ," ó wí.