Ọwọ́ Lórí Ṣóòkù

Àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n ní Àǹtí Àgbà, wọ́n ń pe àbúrò ní Àǹtí Kékeré. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Àǹtí Àgbà ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní iṣẹ́ irun, láti orí fífọ̀ títí dé bí wọ́n ṣe ń ká irun mọ́ rólà, ó sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Nígbà tí àbúrò ní òun fẹ́ dá dúró, ẹ̀gbọ́n ò bínú. Ó ní kó máa gbé jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jọ ń lò lọ, òun á wá òmíràn.

Òdìkejì títì gan-an ni àbúrò lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí. Ìyẹn náà, Àǹtí Àgbà gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹni tó bá ń kọjá á kí i láti òkèèrè, á sì yà sí ọ̀hún. Obìnrin kan tó ń ta bàtà nísàlẹ̀ títì ló wá là á yé e.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí Àgbà. Wọ́n ní kóòmù yín ló ń pín làpálàpá fáwọn èèyàn."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà wo òdìkejì títì.

Àǹtí Àgbà ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó kó gbogbo kóòmù rẹ̀ sínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ àràárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Omi náà ta sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní pariwo, òun á dúró de ọjọ́ tòun.

Ọjọ́ náà ò jìnnà. Àbúrò lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílùú míì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ tòun ti epo nínú. Nígbà tó dé tó tàn án, Àǹtí Àgbà gbọ́ ọ láti orí ìjókòó rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dún dáadáa. Kò pẹ́, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, fùùù, fù, fùùù, fù, bí ẹni tí èémí ń há mọ́ láyà. Wọ́n tan dáráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.

Àǹtí Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ jẹnẹrétọ̀ yẹn bí ẹní mọ ọmọ tó tọ́ dàgbà, ó sì ti ṣe báyìí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Epo tó bá sùn pẹ́ jù nínú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn máa ń lẹ̀ bí oje igi, á sì dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Tí èèyàn bá fa ṣóòkù, irin kékeré ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀, kó tó tàn án, ṣóòkù á dínà mọ́ atẹ́gùn, epo díẹ̀ tó ń kọjá á sì tó o. Tí wọ́n bá ti ṣóòkù padà, tí ọ̀nà ṣí, atẹ́gùn á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á wá máa sáré, á máa falẹ̀. Tí ẹrù, bíi dáráyà, bá wá gun orí rẹ̀, tó nílò epo sí i, kò sí ibi tí epo máa gbà. Kó kú ló kù. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá: kí wọ́n da epo àtijọ́ nù, kí wọ́n tú kabúrétọ̀, kí wọ́n fọ jẹ́ẹ̀tì mọ́.

Àbúrò sọdá wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Jẹnẹrétọ̀ yìí ń kú tí mo bá ti gbé ẹrù lé e. Ṣé ó máa ń ṣe báyìí nígbà tó wà lọ́wọ́ yín?"

"Rárá o. Ó jọ pé wáyà inú ẹ̀ ló jóná. Gbé e lọ fún ẹni tó ń wé wáyà."

Irọ́ gbuu ni, ó sì dùn lẹ́nu Àǹtí Àgbà bí oyin. Àbúrò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wé wáyà tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀, ó wé wáyà tí kò jóná, ó gba owó rẹ̀, ó fi gílóòbù kan ṣoṣo dán an wò, gílóòbù náà tàn, ó ní ó ti parí.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn olùkọ́ iléèwé kan tí wọ́n fẹ́ lọ ya fọ́tò kún ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kékeré. Ó fọ orí wọn, ó ká irun wọn mọ́ rólà, ó tan dáráyà. Jẹnẹrétọ̀ kú. Ó tún un tàn, ó tún kú. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Àǹtí Àgbà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọdá.

Lábẹ́ fèrèsé ni jẹnẹrétọ̀ wà. Àwọn olùkọ́ yọrí síta, omi ń kán sí wọn léjìká. Àǹtí Àgbà ní kí àbúrò tàn án. Àbúrò fa okùn, ẹ́ńjìnnì dún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule. Àǹtí Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ṣóòkù dé àárín. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dúró sójú kan.

"Tan dáráyà."

Dáráyà ṣiṣẹ́. Èéfín dúdú díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò kú. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á—"

Àǹtí Àgbà ò gbọ́wọ́ kúrò lórí ṣóòkù. "Kí ni kóòmù mi ń pín?"

Ojú àbúrò yí padà. Àǹtí Àgbà ti ṣóòkù sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule, dáráyà ń falẹ̀ nínú ilé. Ó tún fà á, ó balẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé ká sọ ọ́."

"Ìta lo ti sọ ọ́."

Àbúrò wo àwọn oníbàárà rẹ̀, ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa," ó ní. "Kò sí làpálàpá kankan lára kóòmù wọn. Mo fẹ́ káwọn èèyàn máa wá sọ́dọ̀ mi ni."

"Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ò gbọ́."

Ó tún un sọ, ó kígbe é, omijé ń dà lójú rẹ̀. Obìnrin tó ń ta bàtà gbọ́ ọ dé ibi tó jókòó sí.

Àǹtí Àgbà wò ó títí. Ó wá ti ṣóòkù padà tán pátápátá. Ẹ́ńjìnnì sáré lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́, ó kú.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ṣí sílẹ̀," ó sọ fáwọn olùkọ́. "Ẹni tírun ẹ̀ bá tutù kó máa bọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan dìde, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n tò sọdá títì pẹ̀lú rólà lórí àti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ọ̀kan ṣoṣo ló jókòó, èyí tó dàgbà jù láàárín wọn.

"Ó ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó sọ," ó ní. "Kí lẹ tún pa jẹnẹrétọ̀ fún?"

Àǹtí Àgbà sọdá tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ó sì ń kọrin lábẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá wọn wá. Ó ti tọ̀dọ̀ àbúrò bọ̀, ojú rẹ̀ le.

"O gba orúkọ rẹ padà, n ò bá ọ wí," ó ní. "Ṣùgbọ́n o rán an lọ wé wáyà tí kò jóná, o dójú tì í, o tún kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ. Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ kó dùn ún, Màámi."

"Ó ti dùn ún."

"Kò tíì tó bó ṣe dùn mí."

Ìyá náà mú báàgì rẹ̀, ó jáde láì mu omi tí Àǹtí Àgbà gbé fún un.

Àwọn oníbàárà àtijọ́ padà wá, kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn míì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹni tó lè ṣe àbúrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kéèyàn máa ṣọ́ra fún un. Kí ìyá wọn tó wá, olùkọ́ àgbà yẹn ti mú ẹlẹ́rọ kan wá bá Àǹtí Kékeré, ìyẹn ló sì sọ pé wáyà ò jóná rí. Ẹlẹ́rọ náà tú kabúrétọ̀, ó la jẹ́ẹ̀tì, ó fọ táǹkì, ó da epo tuntun sí i. Ó tan dáráyà méjèèjì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Àǹtí Àgbà. Oníbàárà kan tó ń dirun lọ́wọ́ rẹ̀ bi í bóyá ó ń kábàámọ̀.

"Gbé orí sókè," ó dá a lóhùn. "Tó bá tún di ọ̀la, ohun tí mo ṣe náà ni màá ṣe."