Ọdún Kẹjọ Tí Sàláwù Fi Ń Ṣọ́ Ojú Irin

Sàláwù ọkọ mi, òun ló ń ṣọ́ ojú irin láti téṣàn Ọ̀fà lọ ní ìwọ̀n máìlì mẹ́ta. Láràárọ̀, á gbé òòlù léjìká, á máa fi lu àwọn èkàn tó di irin mú, kí wọ́n má baà tú. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí wọ́n fi òun ṣe olórí gáǹgì, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe.

Ọdún kẹjọ pé, wọ́n tún gbé ẹlòmíràn lé e lórí. Láńrewájú, ọmọ iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀!

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ràfátù, n ò tíì ṣe tó ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni màá máa rìn ín báyìí."

"Ìgbà tẹ́ ẹ ń rìn ín lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Obìnrin, dákẹ́."

Dákẹ́ kẹ̀? Èmi! Mo ń bó ànàmọ́ tí mo ń sè tà fún èrò ọkọ̀, mo bá forin sí i:

Irin ń lọ, irin ń bọ̀,
Ẹni tó ń di irin kò kúrò lójú kan.

Díẹ̀ ló kù kó sọ òòlù lù mí. Oṣù mẹ́ta ló fi rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí odó. Òyìnbó ọ̀gá wọn yìn ín títí, ipò ò yí padà. Lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó bi Láńrewájú níṣojú mi pé kí ló kù tóun ò ṣe.

Láńrewájú họrí. "Bàbá, n ò ní purọ́ fún yín. Ibi tẹ́ ẹ ń ṣọ́ nìkan ni ọkàn òyìnbó ti balẹ̀. Ta ló máa yọ yín kúrò níbẹ̀? Bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣe é dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò. Ìwé àṣẹ sì ń wá láràárọ̀. Ẹni tí ò lè kà á, kò lè darí gáǹgì."

"Kọ́ mi, nígbà náà."

"Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń béèrè, Bàbá."

Ọkọ mi jókòó sórí òkúta. "Ọdún mẹ́jọ!" Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò gbé òòlù. "Ìyá Ràfátù, ta ló ń ra ànàmọ́ rẹ jù?"

"Àwọn ará Ìkìrun. Wọ́n máa ń já a gbà ni."

"Ẹnì kan ò gbé e lọ bá wọn?"

"Ta ni ì bá gbé e? Èmi, tòun tọmọ lẹ́yìn?"

Ó dìde, ó lọ dá òòlù padà. Òyìnbó sọ̀rọ̀ títí. Ọkọ mi kọjú sí Láńrewájú: "Ṣé ó ní olórí gáǹgì?"

"Ó ní òṣìṣẹ́ gidi ni yín."

"Bá mi dúpẹ́."

Ọdún mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí! Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ méjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di Ìkìrun. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ le koko. Mo ní ó ti parí.

"Ìwọ obìnrin yìí! Kí ló dé tó o di apẹ̀rẹ̀ méjì péré fún mi? N ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n ti kó o lọ, èrò ṣì kún téṣàn, wọ́n ń bú mi pé kò tó!"