Ìdáhùn fún Elizabeth ará Abuja

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rí nígbà tó bá wọ dàńṣíkí, kó wá wo Ọ̀gbẹ́ni Thomas Gbádéyan nídìí oúnjẹ àárọ̀. Bí Ọmọ́ṣọlá ṣe máa ń wí nínú ara rẹ̀ nìyẹn. Kò jẹ́ sọ ọ́ síta, nítorí òun ni máníjà ilé àlejò tí baba náà kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní Kabba, ẹni tó bá sì ń jẹ lọ́wọ́ ènìyàn kì í fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Kogi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà. Ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́ja ni Gbádéyan ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá ni wọ́n máa ń bi léèrè ohun tó ń wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ó sì kó ìwà ọ́fíìsì náà wọ inú rẹ̀ bí ẹni kó àga àtijọ́ wọ ilé tuntun.

Ohun tó fa wàhálà ni ọ̀rọ̀ tí àlejò kan kọ sórí ìkànnì tí àwọn arìnrìnàjò ti ń wo òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó sanwó. Elizabeth lorúkọ rẹ̀, Abuja ló ti wá. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló fún wọn nínú márùn-ún. Ó ní: “Omi ilé ìwẹ̀ pọ́n, ó ń rùn bí irin. Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìlú Ìyàrà ni mo wá ṣe, n kò sì rí omi wẹ̀ kí n tó jáde. Nígbà tí mo sọ fún ẹni tó jókòó níwájú, ẹ̀rín ló fi mí rín. N kò ní padà wá.”

Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá kọ́kọ́ kà á, ó pòṣé. Àwọn ará Abuja! Wọn a gbàgbé omi odò tí wọ́n mu dàgbà, wọn a wá máa fi imú gbóòórùn táàpù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ni ìkànnì náà pa ọ̀rọ̀ obìnrin náà rẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í pa ọ̀rọ̀ àlejò rẹ́ kìkì nítorí pé kò dùn mọ́ onílé nínú. Ni Gbádéyan bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ìdáhùn tirẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á:

“Irọ́ pátápátá ni obìnrin yìí pa. Kò sí àlejò mìíràn tó ṣàròyé rí. A mọ irú ènìyàn tó jẹ́, a sì mọ irú ẹni tó bá a wá. Ẹni tó bá ń wá Dubai kó lọ sí Dubai.”

Ó pe Ọmọ́ṣọlá wá wò ó. “Kà á sókè,” ni ó wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ìlú kan. Ọmọ́ṣọlá kà á. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.” Nínú ara rẹ̀, ó ní, òmùgọ̀ tó mọ̀wé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ méjì.

Kò pẹ́ tí Màmá Juliet fi pè láti Ẹ̀gbẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ni, òun ló ń ṣètò ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wọn, ó sì ti ní kí wọ́n fi gbogbo yàrá ilé náà pa mọ́ fún òun.

“Okun o, ọmọ mi,” ni ó fi kí i, bí wọ́n ṣe ń kíra ní agbègbè wọn. “Ẹ má bínú, ibòmíràn la máa lò.”

“Ha, Mà! Ṣé nítorí omi tí obìnrin kan kọ sórí ìkànnì ni?”

“Omi kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé omi lè pọ́n níbikíbi? Ìdáhùn ọ̀gá yín la kà. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mi bá sọ pé ibùsùn le, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe bú u lójú ayé, tí ẹ ó máa ṣe bí ẹni mọ àṣírí rẹ̀? Rárá o.”

Ọmọ́ṣọlá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ láìbù sí i láìyọ kúrò. Gbádéyan na imú sókè. “Kí wọ́n máa lọ. Àwọn obìnrin tó jẹ́ orin nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.”

“Bàbá, kì í ṣe Elizabeth nìkan lẹ dá lóhùn. Òun ti lọ. Ẹni tí kò tíì wá ló ń kà á, tó ń wo ohun tí ẹ ó ṣe fún òun náà bí nǹkan bá bàjẹ́.”

“O fẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí n kò rí rí?”

“Ẹ fún mi ní páásíwọ̀ọ̀dù, èmi ó kúnlẹ̀.”

Ó fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó fún ọmọdé ní àdá tí kò mú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọmọ́ṣọlá ṣe ni pé ó mú ìdáhùn baba náà kúrò lórí ìkànnì. Ó wá jókòó láti kọ tirẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ó kọ ọ́ pé, “A tọrọ àforíjì bí ohunkóhun bá ṣe yín láburú.” Nígbà tó kà á jáde, ó gbọ́ “bí” yẹn: bí ó bá ṣe yín, ìyẹn bí ẹ kò bá purọ́. Ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, “Ó dùn wá pé inú yín kò dùn sí wa.” Èyí tún burú. Inú obìnrin náà ló wá di ẹlẹ́bi, omi ti lọ láìjẹ̀bi. Ó kọ ẹ̀kẹta, ó ní ọdún yẹn ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an ní Kabba, iná ọba kò sì dúró. Kò tíì kọ ọ́ tán tó fi rí i pé ẹjọ́ ló ń rò. Gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń dà sórí Gbádéyan láti ọjọ́ yìí, òun náà kò ju Gbádéyan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ bóyá omi náà pọ́n? Ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò wò.

Ó dìde, ó lọ bá Moses níwájú, níbi tí ọkùnrin náà ti ń gba àlejò, tó sì ń fi eyín jẹ ìdérí bírò.

“Moses, obìnrin tó lọ sìnkú ní Ìyàrà, ṣé o rẹ́rìn-ín rẹ̀?”

“Àǹtí, ẹ̀rín díẹ̀ ni. Ó mú omi wá nínú ife kí n wò ó, ó ń ṣe bí ẹni gbé májèlé.”

“Kí lo wá ṣe sí omi náà?”

“Mo dà á nù.”

Ọmọ́ṣọlá wò ó títí ọkùnrin náà fi yọ bírò lẹ́nu. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó lọ sí yàrá tí obìnrin náà sùn, ó ṣí táàpù. Omi náà kọ́kọ́ há, ó wá wú ikọ́, ó sì yọ jáde ní pípọ́n bí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ó dúró wò ó, ó ń retí kó mọ́. Kò mọ́.

Ó ránṣẹ́ pe Olúṣínà tó máa ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Olúṣínà gun orí táǹkì irin tó wà lẹ́yìn ilé, ó yọjú sínú rẹ̀, ó ní ìpẹtà ti jókòó sí ìsàlẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ògì. Wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n ha á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì pààrọ̀ páìpù tí ìpẹtà ti jẹ. Gbádéyan ráhùn títí iṣẹ́ fi parí, bí ẹni pé eyín tirẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Lẹ́yìn tí omi mọ́ ni Ọmọ́ṣọlá tó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

“Elizabeth, ẹ kú àfẹ́kù, ẹ sì ṣé tí ẹ sọ fún wa. Omi yàrá yín pọ́n lóòótọ́. Ìpẹtà inú táǹkì wa ni, ó sì yẹ ká ti rí i kí ẹ tó dé. Nígbà tí ẹ fi tó wa létí, a rẹ́rìn-ín dípò ká wá omi míì fún yín. Ìyẹn burú ju omi lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá. A ti fọ táǹkì náà, a ti pààrọ̀ páìpù, ẹnì kan sì ń yẹ táàpù yàrá wò kí àlejò tó wọlé. Ìdáhùn tí a kọ́kọ́ fi síbí kò yẹ yín, a ti mú un kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni kí ẹ béèrè ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ́ṣọlá, máníjà.”

Kò ṣèlérí iná, nítorí kò sí iná tó lè ṣèlérí. Kò fi ẹ̀bùn kankan lọ̀ ọ́ lójú ayé pẹ̀lú, kí ó má baà dà bí ẹni ń ra ẹnu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí ìkànnì náà láti wò ó bóyá wọ́n ti gbé e jáde. Wọ́n ti gbé e jáde. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti hù nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èpò àkùrọ̀: “Síbẹ̀, kí ẹ rántí pé kò sí àlejò mìíràn tó ṣàròyé rí.”

Ọmọ́ṣọlá bá ọ̀gá rẹ̀ ní ibi tí Moses ti ń fi yàrá tó ṣófo hàn án.

“Bàbá, ẹ lọ fi kún un.”

“Òótọ́ ni mo fi kún un. Àforíjì tí kò ní òótọ́ nínú, ẹ̀bẹ̀ olè ni.”

“Bí mo bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, tí mo ní ẹ má bínú, síbẹ̀ kí ẹ rántí pé àwọn tí mo ti ń tẹ̀ kò kígbe rí, ṣé ẹ ó ní mo bẹ̀ yín?”

“Ìyẹn yàtọ̀. Moses, ṣé ẹnì kankan tún ṣàròyé omi?”

Moses wo ilẹ̀, ó wo ọ̀gá. “Wọ́n ṣàròyé, sà. Wọ́n pọ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ ní òṣìṣẹ́ tó bá mú ẹ̀sùn àlejò wá bá yín, kó wá pẹ̀lú ìwé ìfipòsílẹ̀.”

Gbádéyan yí padà, ó ń fọwọ́ tẹ ibùsùn wò. Ọmọ́ṣọlá padà sínú ọ́fíìsì, ó mú ìdáhùn náà kúrò, ó gé ìrù tí wọ́n so mọ́ ọn, ó tún fi ránṣẹ́, ó sì yí páásíwọ̀ọ̀dù padà.

Elizabeth kò fèsì. Ìràwọ̀ rẹ̀ dúró ní ọ̀kan, bó ti wù ú, òun náà ló ni ẹnu rẹ̀. Màmá Juliet kò padà lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n Ayọ̀wálé, ẹnjiníà kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní Ìsánlú, dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ní, “Mo ka ohun tí ẹ kọ sí obìnrin yẹn. Ẹni tó lè sọ pé òun rẹ́rìn-ín àlejò, kò ní lè purọ́ fún mi nípa omi.” Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí òjò fi dé.

Kò pẹ́ tí Gbádéyan fi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń sọ fún àwọn olótẹ́ẹ̀lì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà, pé òun tí wọ́n rí yìí máa ń bẹ àlejò. Wọ́n ń mi orí. Ó rí Ọmọ́ṣọlá, ojú kò tì í.

“Ọmọ́ṣọlá, mú páásíwọ̀ọ̀dù yẹn wá. Ẹnì kan tún kọ̀wé pé ìrọ̀rí wa le. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ wí, Bàbá. Màá bá yín kọ ọ́.”

“Kọ ọ́ pé a dúpẹ́, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé…”

“Mo ti gbọ́, sà,” ni Ọmọ́ṣọlá wí, ó sì lọ ra ìrọ̀rí.