Nígbà Tí K Di Méje

Ó ti rẹ Àǹtí Kọ̀ǹpútà tẹnutẹnu. Láti aago méje àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, kíláàsì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ́, ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú débi pé ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì gbà á lò. Ìwé ìdánwò méjìlélógójì ló ti máàkì tán. Ohun tó kù kò ju kó mú orúkọ àwọn tó yege lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó bá gba àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún á máa bá ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tí kò bá gbà á, kíláàsì mìíràn ló ń lọ láti ọ̀la, ẹ̀bẹ̀ kankan ò sì sí níbẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni Ìgbín kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Ọmọbìnrin náà kì í tètè ṣe tán ni. Tí àwọn yòókù bá ti kó ìwé wọn sínú báàgì, òun á ṣì máa fi rúlà fa ìlà. Máàkì mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gbà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn."

"Ìgbín, mo ti máàkì rẹ̀. Máàkì márùn-ún ni, o ò rí ọ̀kankan gbà níbẹ̀. Máa lọ sílé."

"Mo tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, mà. Kò bọ́ sí mẹ́sàn-án tí ẹ kọ síbẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi, ọmọ wo ló ń bá olùkọ́ jiyàn nígbà tí ebi ń pa olùkọ́? Àǹtí fẹ́ lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò pariwo, kò sunkún, ó kàn dúró síbẹ̀ tòun ti bébà rẹ̀. Àti lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni.

"Ó dáa, jókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Fúlóṣáàtì ni ìbéèrè náà, àwòrán àwọn àpótí tí ọfà so mọ́ra wọn. Àpótí àkọ́kọ́ ní kí K jẹ́ 1, kí T jẹ́ òdo. Èkejì ní kí a fi K kún T. Ẹ̀kẹta ní kí a fi 2 kún K. Lẹ́yìn náà ni àpótí oníbéèrè, èyí tó dúró lórí ṣóńṣó: ṣé K ju 7 lọ? Bí kò bá jù ú lọ, ọfà ní ká padà sí àpótí kejì. Bó bá jù ú lọ, ká tẹ T jáde, ó parí. Kí ni T tó jáde?

Ìgbín fi ìka tẹ àpótí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "T di 1, K di 3. Kò ju 7 lọ, a padà. T di 4, K di 5. Kò ju 7 lọ, a padà. T di 9, K di 7."

"Ó tán," ni Àǹtí wí. "K ti dé 7. T jẹ́ 9. Ṣé o ti rí i báyìí?"

Ìgbín gbójú sókè. "Méje ju méje lọ ni, mà?"

Àǹtí fa bébà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"A tún padà, mà. T di 16, K di 9. Mẹ́sàn-án ju méje lọ. 16 ló jáde."

Yéè! Ìgbà náà ni Àǹtí rántí. Ìbéèrè ọdún tó kọjá ni. Lọ́dún náà, ohun tó wà nínú àpótí yẹn ni "Ṣé K ti tó 7?", mẹ́sàn-án ló sì ń jáde lóòótọ́. Nítorí pé àwọn ọmọ ń ta ìbéèrè àtijọ́ látaré fún ara wọn, ó yí ọ̀rọ̀ inú àpótí náà padà. Ìdáhùn ni kò yí padà. Ó pààrọ̀ àgádágodo, ó fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sílẹ̀. Òun, olùkọ́ tó ń fi ojoojúmọ́ pariwo pé ẹ má fojú inú ṣe é, ẹ tẹ̀lé ọfà!

"O gbà á," ló wí fún Ìgbín. "Máàkì márùn-ún. Méjìléláàádọ́ta lo ní báyìí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn tán. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Àwọn tó kọ mẹ́sàn-án ńkọ́?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Máa lọ."

Ó kan Àǹtí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí Àǹtí tún àwọn ìwé náà tú, àwọn mẹ́rin ló kọ 16, Ìgbín àti mẹ́ta tó ti yege tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi bírò pupa fagi lé gbogbo wọn. Àwọn tó kọ 9 pọ̀ bí nǹkan míì, kò sì sí ẹni tó fa ìlà láti to iye K àti T sí, tàbí tó kọ ìgbésẹ̀ kankan. Ó ń yọ máàkì márùn-ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò sì já bọ́ sábẹ́ àádọ́ta, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé orí ìwé tó ní méjìléláàádọ́ta. Omi wá pọ̀ ju ọkà lọ. Ọmọ Àǹtí ló ni ín, ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń sọ láti kékeré pé iṣẹ́ ìyá òun lòun máa ṣe.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Bó bá fún Ìgbín ní márùn-ún tirẹ̀, tó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀, ta ló máa mọ̀? Gbogbo ara ló ń ro ó. Ó wù ú kó kàn fi orí lé tábìlì, kó sùn.

Ibẹ̀ ló wà tí ọmọ rẹ̀ fi wọlé, nítorí wọ́n jọ máa ń rìn lọ sílé ni.

"Màmá, ẹ ò tíì ṣe tán?"

"Jókòó. Bá mi tẹ̀lé àwòrán yìí."

Ọmọ náà tẹ̀lé e, ó yára bí àṣá. Nígbà tí K di 7, ó dúró. "Mẹ́sàn-án."

"Ka ohun tó wà nínú àpótí yẹn sí mi létí."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ti ọdún tó kọjá ni mo há sórí," ló wí. "Ṣé ẹ máa yọ ọ́?"

"Mo máa yọ ọ́. Mẹ́tàdínláàádọ́ta."

Omijé dà á lójú. "Ẹ̀yin náà kọ mẹ́sàn-án, Màmá! Ta ló máa yọ márùn-ún tiyín?"

Àǹtí wò ó. Ó dùn ún dé egungun. "Kò sí ẹni tó máa yọ ọ́," ló wí. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Nínú ìwé orúkọ àwọn tó yege, ó fa ìlà sórí orúkọ ọmọ rẹ̀, ó kọ orúkọ Ìgbín síbẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nísàlẹ̀ ìwé, ó kọ ọ́ pé àṣìṣe ìdáhùn náà, ọwọ́ òun ló ti wá, ó sì fọwọ́ sí i. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀gá kà á, ó mi orí, ó ní kó máa lọ sinmi.

Nígbà tó padà dé yàrá àwọn olùkọ́, ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé. Kò dúró dè é.