Àdúrà Ojú Ìwé Kọkànlá

Ìwé ìfọkànsìn òyìnbó kan ni mo tú sí Yorùbá fún ìjọ wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́dọ̀ kà á sétí àwọn àgbà ìjọ. Bí mo ṣe ń kà, Díákónì Ajíbádé ń fi ìka tọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ.

Lójú ìwé kọkànlá, ìka náà dúró.

"Fadérera, òyìnbó ní, 'Ọlọ́run, ṣé o ń sùn ni?' Ìwọ kọ, 'Olúwa, má jìnnà sí wa.' Ta ló rán ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń jí Ọba àwọn ọba bí ẹni ń jí ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà mí."

"Àbí ẹ̀rù tiwa?"

Ìyá Ìjọ, tó sin ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, gbórí sókè.

"Kọ ọ́ bó ṣe wí i. Ohun tí mo bi Í nìyẹn létí sàréè Oyèníkẹ̀ẹ́. Látìgbà náà ni mo ti ń retí kí àrá sán pa mí."

Mo mú bírò. Mo sì kọ ọ́: "Olúwa mi, ṣé oorun ni Ìwọ ń sùn?"