Ọwọ́ Tí Èmi Ò Kọ

Ọgọ́ta ìpín la fẹ́ fi ṣe eré kan tí èèyàn á máa wò lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olùdarí. Yàrá ìyá wa tó ti di olóògbé ló di ọ́fíìsì wa. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti fèrèsé, ó ń ya bí kámẹ́rà yóò ṣe rí ìran kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóòró bíi fóònù.

"Ojú èèyàn méjì ò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí," ó ní. "Ojú ìyá nìkan la máa yà, àti fóònù létí ẹ̀. Ibo la ti máa gé ìpín kìíní?"

"Níbi tí ìyá ti ní, 'Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ ni pé...' Ìpè á já."

Bí ìyá wa ṣe bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣépè fún iléeṣẹ́ fóònù pé wọ́n já ìpè náà.

"Ìpín kejì gbọ́dọ̀ tètè dáhùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òǹwòran á fi ìka gbá wa dànù lójú fóònù. Kí ni ìyá fẹ́ sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo mọ̀ ni?"

Ó ń yàwòrán lọ. Nígbà tí mo wo ìwé náà, ọwọ́ kan ti yọ láti òkè àpótí, ó gbá fóònù ìyá mú. Òrùka wà níka ẹ̀.

"Mi ò kọ ọwọ́ kankan síbẹ̀ o!"

"Mo mọ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo òrùka tirẹ̀. "Èmi ni mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá wa lọ́jọ́ náà."

Nínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ẹnu ìyá wa ṣì là sílẹ̀.